Èlé 10% lásán àti èlé 9% lórí èlé: èwo ló máa pọ̀ jù lẹ́yìn ọdún márùn-ún?

Ìyá Aládìrẹ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Mo ní 200,000 náírà tí mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn fún ọdún márùn-ún, torí àbíkẹ́yìn mi tó ń bọ̀ wá wọ yunifásítì ni mo fi ń dúró dè. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo wà níbẹ̀ ní Ìtòkú sọ pé àwọn á máa fún mi ní èlé 10% lọ́dún, ṣùgbọ́n orí ojú owó nìkan ni wọ́n á ti máa ṣírò rẹ̀. Báńkì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní 9% làwọn ń fúnni, àmọ́ èlé lórí èlé ni tàwọn.

Ọmọkùnrin tó wá bá mi láti báńkì ní kí n má wo 9 yẹn rárá, pé èlé lórí èlé á kọjá tẹgbẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní tirẹ̀ ní 10 ju 9 lọ, kí ló tún kù tí mò ń bi òun. Èmi ò rí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì, ìyẹn ló sì dá mi láàmú. Èwo ni kí n mú?

Kọ́lá Ṣàgámù

Màmá, ẹ gba báńkì lọ. Èlé lórí èlé ló máa ń borí nígbà gbogbo. Tẹgbẹ́ yín, 20,000 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 100,000, owó yín á di 300,000. Mo tẹ ti báńkì sórí fóònù mi, 307,724 náírà àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ló bá mi. Èrè 7,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn lórí ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Tíṣà Òṣogbo

Iye tí Kọ́lá kọ tọ̀nà. "Nígbà gbogbo" tó fi kún un ni mi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká rìn ín lọ́dún kọ̀ọ̀kan, torí ọmọ lè tètè wọlé, ìyá yìí sì lè nílò owó náà kí ọdún márùn-ún tó pé.

Tẹgbẹ́ ò le. 10% lára 200,000 jẹ́ 20,000. 20,000 yẹn kan náà ni wọ́n á máa san lọ́dún kìíní, lọ́dún kejì, títí dé ìkarùn-ún, nítorí pé ojú owó tí ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Èlé tí owó náà ti pa kì í pa èlé mìíràn.

Ti báńkì ni ká rọra wò. Lọ́dún kìíní, 9% lára 200,000 jẹ́ 18,000, owó di 218,000. Tọ́dún kejì bá dé, wọn ò wo 200,000 mọ́, 218,000 ni wọ́n máa wò. 9% rẹ̀ jẹ́ 19,620. Ẹ kíyè sí i: 18,000 nínú rẹ̀ wá láti ara ojú owó, 1,620 tó ṣẹ́ kù ni 9% lára 18,000 tọ́dún àkọ́kọ́. Ibi tí èlé ti ń gun orí èlé nìyẹn. Bí wọ́n á ṣe máa ṣe é lọ nìyí:

| Ọdún | Ẹgbẹ́, 10% lásán | Báńkì, 9% lórí èlé | Ta ló wà níwájú |
|---|---|---|---|
| 1 | 220,000 | 218,000.00 | ẹgbẹ́, pẹ̀lú 2,000.00 |
| 2 | 240,000 | 237,620.00 | ẹgbẹ́, pẹ̀lú 2,380.00 |
| 3 | 260,000 | 259,005.80 | ẹgbẹ́, pẹ̀lú 994.20 |
| 4 | 280,000 | 282,316.32 | báńkì, pẹ̀lú 2,316.32 |
| 5 | 300,000 | 307,724.79 | báńkì, pẹ̀lú 7,724.79 |

Lọ́dún kẹta, èlé tọ́dún yẹn nìkan ní báńkì jẹ́ 21,385.80, ó ti ju 20,000 tẹgbẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé báńkì ti borí níbẹ̀. Kò tíì borí, torí gbèsè ọdún méjì àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, 2,380, ìyẹn ló ń san díẹ̀díẹ̀. Ọdún kẹrin ló tó san án tán tó sì kọjá. Ẹni tó bá kó owó rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ ló ṣe é lóore jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà ò tó 1,000.

Dẹ́rẹ́bà Ìyànà-Ìpájà

Màmá, mo bẹ yín, ẹ má yá owó yẹn o. Ohun tójú mi rí kò ṣe é fẹnu sọ. 300,000 ni mo yá láti fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ṣe, wọ́n ní 5% lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Oṣooṣù ni mò ń san 65,000, nígbà tí mo fi máa san án tán, 390,000 ló ti kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n sì ń sọ fún mi pé èlé lásán ni, pé kì í ṣe èlé lórí èlé. Tó bá jẹ́ èlé lórí èlé ńkọ́, wọn ì bá ti gba ọkọ̀ náà!

Bísí Akáǹtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Màmá ò yá owó, wọ́n fẹ́ fi pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan tiyín, torí ohun tí wọ́n fi mú yín níbẹ̀ ò kan èlé lórí èlé rárá.

50,000 ni ẹ̀ ń dá padà lára ojú owó lóṣooṣù, 15,000 sì jẹ́ èlé. 15,000 yẹn ni 5% lára 300,000. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù kìíní, 250,000 ló kù lọ́wọ́ yín. Lóṣù kẹfà, 50,000 péré lẹ ṣì jẹ wọ́n, wọ́n sì tún gba 15,000 lórí rẹ̀. Lóṣù yẹn, 30% lẹ san, kì í ṣe 5%. Ká ní orí iye tó kù lọ́wọ́ yín ni wọ́n ti ń ṣírò èlé náà, ẹ̀ bá san 15,000, lẹ́yìn náà 12,500, 10,000, 7,500, 5,000, kó sì parí sí 2,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 52,500. 90,000 lẹ san. Òótọ́ ni pé èlé lásán ni wọ́n pè é, àmọ́ orí owó tí ẹ ti dá padà ni wọ́n ṣì ń gbà á.

Dẹ́rẹ́bà Ìyànà-Ìpájà

Háà! Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é? Mo sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn lọ́jọ́ tí mo san án tán.

Àdùkẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Èmi náà gbìyànjú ti báńkì yẹn lórí fóònù mi, 4,952,198 ló jáde. Mo mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í. 200,000 ni mo kọ, mo wá fi 1.9 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Tíṣà Òṣogbo

Ọmọ dáadáa, òdo kan lo jẹ. 9% kì í ṣe 0.9, 0.09 ni. 1.9 tí o tẹ̀ yẹn ń sọ pé 90% ni èlé náà lọ́dún kan. 1.09 ni kí o lò. Tó bá jẹ́ orí Excel ni:

```
=200000*1.09^5
=200000*(1+0.10*5)
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ti báńkì, ìkejì ni tẹgbẹ́. Wo bí 5 ṣe wà lẹ́yìn àmì ^ nínú ti àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni a fi 1.09 sọ ọ́ di púpọ̀, tó sì jẹ́ pé ìlọ́po lásán ló ń ṣe nínú ìkejì. Lórí fóònù, máa fi 1.09 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa kọ iye tó bá jáde sílẹ̀. Ohun tí mo fi máa ń mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣì í ni ọdún kìíní. Lọ́dún kìíní, èlé lásán àti èlé lórí èlé gbọ́dọ̀ bára dọ́gba tí iye wọn nínú ọgọ́rùn-ún bá jẹ́ ọ̀kan náà, torí kò tíì sí èlé kankan nílẹ̀ tí òmíràn lè gùn. 9% lára 200,000 jẹ́ 18,000 lọ́nà méjèèjì. Tí tìẹ bá ti fò dé 380,000 lọ́dún àkọ́kọ́, má wulẹ̀ tẹ ọdún kejì.

Bísí Akáǹtì

Ó kù ohun kan tí kò sẹ́ni tó bi màmá. 20,000 tí ẹgbẹ́ ń san yẹn, ṣé ọdọọdún ni wọ́n ń kó o lé yín lọ́wọ́ ni, àbí wọ́n á dì í mú títí ọdún márùn-ún á fi pé?

Tí wọ́n bá dì í mú, ìṣirò Tíṣà ló dúró. Tó bá jẹ́ pé ọdọọdún ni ẹ̀ ń gbà á, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí. Ká ní ẹ gba 20,000 àkọ́kọ́, ẹ gbé e síbòmíràn tí wọ́n ti ń fúnni ní 5% péré. Lẹ́yìn ọdún kejì ó ti di 21,000, ẹ tún fi 20,000 tuntun kún un, ó di 41,000. Lọ́dún kẹta ó di 63,050. Lọ́dún kẹrin, 86,202.50. Lọ́dún karùn-ún, 110,512.63. Ẹ wá fi 200,000 yín tí ẹgbẹ́ dá padà lé e, ó di 310,512.63. Ẹ wo 307,724.79 ti báńkì. Ẹgbẹ́ tún ti kọjá.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹni tó ni owó lè fọwọ́ ara rẹ̀ sọ èlé lásán di èlé lórí èlé. Bọ́ǹdù onífipamọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń tà, èyí tí èèyàn lè fi 5,000 náírà bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni wọ́n ń san èlé rẹ̀ sínú àkáǹtì, wọn kì í so ó mọ́ ojú owó. Tó o bá ná an, èlé lásán lo jẹ. Tó o bá tún fi ra òmíràn, o ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èlé lórí èlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣèlérí rẹ̀ fún ọ. Ti báńkì náà lè yí padà sẹ́yìn: tí màmá bá ń yọ 18,000 lọ́dọọdún, 218,000 ò ní sí nílẹ̀ mọ́, 200,000 ni wọ́n á máa wò, èlé lásán 9% ló kù yẹn. Ìyẹn sì kéré sí tẹgbẹ́ láti ọjọ́ kìíní.

Kọ́lá Ṣàgámù

Bísí, o ti kó ìlànà mìíràn wọ inú rẹ̀. Ta ló máa rántí gbé 20,000 lọ síbòmíràn lọ́dọọdún? Nígbèésí ayé tiwa yìí, 20,000 tó bá ti dọ́wọ́, aṣọ ẹbí ti ń dúró dè é. Ti báńkì, kò sẹ́ni tó ń rántí nǹkan kan, fúnra rẹ̀ ló ń gùn.

Bísí Akáǹtì

Ìyẹn náà dùn létí, mi ò lè jiyàn. Ìwà èèyàn wà nínú ìṣirò yìí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n màmá ni ká bi, kì í ṣe aṣọ ẹbí tìẹ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Níbí ní ìlú òyìnbó, AER ni báńkì máa ń kọ síwájú iye èlé, ìyẹn ni pé wọ́n ti ka èlé lórí èlé mọ́ iye tọ́dún kan kí oníbàárà tó rí i, kí èèyàn lè fi báńkì kan wé òmíràn. Mi ò mọ̀ bóyá báńkì màmá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: 9% yẹn, ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún ni ẹ̀ ń so èlé mọ́ ojú owó? Tó bá jẹ́ oṣooṣù, 9 pín sí ọ̀nà 12 jẹ́ 0.75% lóṣù. Lẹ́yìn oṣù méjìlá, kò ní jẹ́ 9% mọ́, á jẹ́ 9.38%. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 200,000 á di nǹkan bíi 313,136. Ìyẹn ju 310,512 tí Bísí fi ẹgbẹ́ ṣírò lọ.

Àdùkẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Kí ló dé tí kò fi jẹ́ 9% gan-an? Ṣebí 0.75 lọ́nà 12 jẹ́ 9.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

9 ni tí o bá wulẹ̀ ń rò wọ́n pọ̀. Àmọ́ 0.75 ti oṣù kejì, orí ojú owó àti èlé oṣù kìíní ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Tóṣù kẹta tún gun méjèèjì. Owó kékeré ni lóṣù kan, 1,500 péré ni èlé oṣù kìíní lára 200,000, èlé tó sì gun orí 1,500 yẹn lóṣù kejì jẹ́ 11.25 náírà. Kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ló fi kó 0.38 yẹn jọ.

Wálé Mókọ́lá

Gbogbo yín ti gbàgbé owó orí. Mo de owó mọ́lẹ̀ sí báńkì rí, èlé tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ ló wọlé fún mi. Ìdá mẹ́wàá ni wọ́n yọ lára èlé náà fún ìjọba kí wọ́n tó san èyí tó kù. Ẹ ṣọ́ra o: lára èlé ni wọ́n ti yọ ọ́, kì í ṣe lára ojú owó.

Tíṣà Òṣogbo

O ṣeun, Wálé. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹnì kan dé nìyí, ìwọ lo sì dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ìdá mẹ́wàá lára 9%, ohun tó wọlé jẹ́ 8.1%. Kì í ṣe 0.9% ọdún kan nìkan lẹ pàdánù, torí iye tí wọ́n mú lọ ò ní sí nílẹ̀ lọ́dún kejì láti pa èlé. Mo tún un ṣírò: 216,200 lẹ́yìn ọdún kìíní, 233,712.20 lẹ́yìn ọdún kejì, 252,642.89 lẹ́yìn ẹ̀kẹta, 273,106.96 lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, 295,228.63 lẹ́yìn ìkarùn-ún.

295,228 sí 300,000. Ẹgbẹ́ ló borí, a ò tilẹ̀ tíì gbé 20,000 kankan lọ síbòmíràn.

Kọ́lá Ṣàgámù

Ẹ dúró ná, Tíṣà. Tí báńkì ò bá yọ ọ́ lọ́dọọdún ńkọ́? Tí wọ́n bá jẹ́ kó gùn títí ọdún márùn-ún á fi pé, kí wọ́n tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Tíṣà Òṣogbo

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, Kọ́lá. Èlé gbogbo ọdún márùn-ún jẹ́ 107,724.79. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 10,772.48. Tí a bá yọ ìyẹn kúrò lára 307,724.79, 296,952.31 ló kù. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò dé 300,000 síbẹ̀.

Mo tún wò ó síwájú, lórí pé ọdọọdún ni wọ́n ń yọ owó orí. Lọ́dún kẹfà, báńkì dé 319,142, ẹgbẹ́ dé 320,000. Lọ́dún keje, báńkì dé 344,992, ẹgbẹ́ dé 340,000. Owó orí ti sún ibi tí báńkì ti ń kọjá láti ọdún kẹrin lọ sí ọdún keje. Ọmọ màmá á ti lo ọdún méjì ní yunifásítì nígbà yẹn, tí àwọn olùkọ́ ò bá daṣẹ́ sílẹ̀.

Kọ́lá Ṣàgámù

Ẹ̀yin wá ń sọ pé èlé lórí èlé ò wúlò nìyẹn?

Tíṣà Òṣogbo

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wò ó lọ́dún ogún. 10% lásán lórí 200,000 jẹ́ 20,000 lọ́nà ogún, gbogbo owó á di 600,000. 8.1% lórí èlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí lọ́dọọdún, á lé ní 949,000. Tí kò bá sí owó orí rárá, 9% á lé ní 1,120,000. Tí wọ́n bá ti yọ owó orí, ọdún márùn-ún ti kéré jù fún èlé lórí èlé láti dí 1.9% tó fi kéré sí ẹgbẹ́, ohun tí mò ń sọ kò ju ìyẹn lọ. Ọdún àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, díẹ̀ ló ń gùn. Ẹ̀yìn ọ̀la ni agbára rẹ̀ wà.

Bàbá Ìlórò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé báńkì ló mú èlé wá. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yá owó lọ́wọ́ olówó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Iṣẹ́ náà ò dín ojú owó kù, kò sì fi kún un. Tó bá ṣe é fún ọdún kan tàbí ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ kìíní náà ni wọ́n á san kí ó tó gba ara rẹ̀. Èlé lásán pátápátá ni tí ẹ bá fi ojú ìwé yín wò ó. Síbẹ̀, ẹ ò lè sọ fún mi pé ó rọrùn.

Bísí Akáǹtì

Ẹ ṣeun, bàbá. Ó jọ ti ẹ̀gbọ́n wa Dẹ́rẹ́bà gan-an: èlé ò pọ̀ sí i, àmọ́ kò dín kù bí gbèsè ṣe ń dín kù.

Dẹ́rẹ́bà Ìyànà-Ìpájà

Kí ẹ má pè mí ní ìwọ̀fà o, Bísí! Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́.

Ìyá Aládìrẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo ti lọ bá akọ̀wé wa lónìí. Ó ní lẹ́yìn ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún ni wọ́n ń pín èlé, pé ẹni tó bá fẹ́ lè gba tirẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó bá fẹ́ lè fi sílẹ̀. Mo bi í pé tí mo bá fi sílẹ̀, ṣé á pa èlé? Ó ní rárá, á kàn wà níbẹ̀ dè mí ni. Mo wá bi í nípa owó orí, ó ń wo ojú mi. Ó ní òun á bi alága.

Ti báńkì, ọmọkùnrin yẹn ò sí níbẹ̀. Obìnrin tí mo bá lórí àga ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń so èlé mọ́ ojú owó, kì í ṣe oṣooṣù, ó sì ní àwọn ń yọ owó orí, àmọ́ kò mọ̀ bóyá ọdọọdún ni tàbí ìgbẹ̀yìn. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Tíṣà Òṣogbo

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún? A jẹ́ pé 313,136 ti ọmọ Peckham ti kúrò nílẹ̀. Bóyá ọdọọdún ni wọ́n ń yọ owó orí tàbí ìgbẹ̀yìn, 295,228 tàbí 296,952 ló máa bá yín. Ẹ má fi èlé tí ẹ lè gbé síbòmíràn sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹgbẹ́, torí lọ́wọ́ wọn kò ní lọ sókè. Ẹ gbà á.

Bísí Akáǹtì

Ohun kan ṣì wà tí ìṣirò ò lè sọ. Tí báńkì kékeré yẹn bá ní ìwé àṣẹ, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ti ṣe onígbọ̀wọ́ owó oníbàárà níbẹ̀ títí dé mílíọ̀nù méjì náírà, tí báńkì bá wó lulẹ̀. 200,000 yín wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ò sí lábẹ́ NDIC. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn tó ń ṣe kòkáárí owó níbẹ̀, èmi ò mọ̀ wọ́n. Ẹ̀gbẹ̀rún mẹ́ta sí márùn-ún tí ẹgbẹ́ fi ju báńkì lọ ni owó tí ẹ̀ ń gbà fún ewu yẹn. Àwọn kan á ní ó tó, àwọn kan á ní kò tó.

Kọ́lá Ṣàgámù

Kò tó lójú tèmi.

Wálé Mókọ́lá

Ó tó lójú tèmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nínú tiwa, kọ́bọ̀ mi ò sọnù rí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà gbọ́dọ̀ yọ owó orí lára èlé tí wọ́n ń san fún ọmọ ẹgbẹ́? Tiwa kì í yọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n máa yọ ọ́, 20,000 á di 18,000, 300,000 á di 290,000, báńkì á sì tún kọjá.

Ìyá Aládìrẹ

Wálé, ẹ ti tún da gbogbo rẹ̀ rú fún mi. Mo ń dúró de alága báyìí. Mo sì ń rò ó pé kí n fi 100,000 síbí, kí n fi 100,000 sọ́hùn-ún. Tíṣà, ṣé iye yẹn máa jẹ́ ìdajì gẹ́lẹ́ nínú gbogbo ìṣirò tí ẹ ṣe?

Tíṣà Òṣogbo

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdajì gẹ́lẹ́ ni, tẹgbẹ́ àti ti báńkì, lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 2 pín gbogbo iye inú tábìlì yẹn.